Bí a ṣe ń kọ ìkíni ọjọ́ ìbí sí òbí àgbàlagbà tó le

Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ le kì í ṣaláìmọ ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ ìbí wọn. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé bó bá kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nìkan, yóò gbẹ bí ìwé tí akọ̀wé ìjọba kọ. Bó bá sì fi ìfẹ́ kún un, àyà rẹ̀ á máa já pé òbí náà á ní, "Èwo tún nìyí?" Ọ̀nà tí mo gbà pé ó dára jù ni kí a pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ọ̀wọ̀ wà nínú bí a ṣe kọ ọ́: ẹni tí a pè, bí a ṣe pè é, ibi tí ìkíni wà, bí a ṣe fọwọ́ sí i. Ìfẹ́ wà nínú ohun tí a yàn láti rántí àti àdúrà tí a yàn láti gbà. Bí ọ̀wọ̀ bá ti dúró dáadáa nínú ìkọ̀wé, ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó bá wù yín, kò ní dún bí àfojúdi létí wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ pé ọdún 75. Aṣọ ni wọ́n tà ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó dá wọn dúró sílé. Ìyá tó ń fi ojú nìkan bá ọmọ wí ni wọ́n: bí àlejò bá wà nílé, tí ọmọ bá nawọ́ sí ẹran, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn ṣẹ́jú sí i, ọmọ á sì mọ ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn tí àlejò bá lọ. Ọkùnrin yìí kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ báyìí:

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, Mọ́mì. Ẹ̀yin ni ìyá tó dára jù lọ ní gbogbo ayé. Mo mọ̀ pé ẹ le mọ́ wa nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ sì nà wá gan-an, ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá, a ti dárí jì yín. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ púpọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ dàgbà, kí ẹ darúgbó. Ẹ gbádùn ọjọ́ yín."

Inú rere ló fi kọ ọ́. Síbẹ̀, bí ìyá yìí bá ka á, ojú wọn á yí padà níbi mẹ́rin ó kéré tán. A ó tún un ṣe ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wádìí ọdún wọn àti ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn

Ẹ má kọ iye ọdún sílẹ̀ kí ẹ tó bi ẹni tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1950 kò ní ìwé ìbí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1955, ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ti tó ilé ìwé ni kó gbé apá gba orí kọjá, kó fi ọwọ́ kan etí òdìkejì. Nígbà tó yá, tí wọ́n nílò ìwé fún iṣẹ́ tàbí fún ìrìnnà, wọ́n lọ búra ní kóòtù, iye tí wọ́n sì sọ níbẹ̀ kì í fìgbà gbogbo bá ti òótọ́ mu. Nítorí náà, ọdún tó wà nínú ìwé wọn lè jẹ́ 72, kí èyí tí àwọn ará ilé mọ̀ jẹ́ 75. Ẹ bi àbúrò wọn tàbí àkọ́bí ilé nípa èyí tí wọ́n fẹ́ kí aráyé gbọ́. Bí kò bá sí ẹni tó lè sọ, ẹ fi iye sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ kàn kí wọn kú ọjọ́ ìbí.

Ẹ mọ bóyá ẹ̀sìn wọn gba ayẹyẹ náà. Àwọn mùsùlùmí kan wà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Bí òbí yín bá wà lára wọn, ẹ má kọ "ẹ kú ọjọ́ ìbí" rárá. Ẹ lè kọ lẹ́tà ọpẹ́ àti àdúrà lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn èyí, fóònù. Bí òbí bá ń lo WhatsApp, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní, ẹ ṣọ́ra. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì a máa gba lẹ́tà 160 lójú ewé kan. Gbàrà tí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ sí i, ó di 70 péré, bí ó bá sì ju ewé kan lọ, ewé kọ̀ọ̀kan ò ní gbà ju 67 lọ. Ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà 600 á wá di ewé mẹ́sàn-án, ẹ ó sanwó mẹ́sàn-án, fóònù àtijọ́ sì lè já a sí wẹ́wẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò àwọn lẹ́tà tó ní àmì. Fún irú òbí bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ kọ ọ́ sínú káàdì, kí ẹ fi rán ẹni tó ń lọ sílé, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ-ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn, kó kà á fún wọn sókè. Bó bá jẹ́ kíkà sókè ni, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn kúrú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kí wọn bí ẹni tó wọlé wá bá wọn

Bí ẹ bá wọlé tọ ìyá yín lọ láàárọ̀, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú ọjọ́ ìbí". Ẹ ó kọ́kọ́ kí wọn, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ìwé. "Màámi, ẹ káàárọ̀ o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja." Àwa tó wà lókè òkun gan-an la nílò ìlà yìí jù, nítorí òun ló dúró fún ìdọ̀bálẹ̀ tí wọn ò lè fojú rí. Orúkọ tí ẹ ń pè wọ́n nílé ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ Màámi, kó jẹ́ Màámi. Bó bá jẹ́ Dádì, kó jẹ́ Dádì. Bó bá jẹ́ Alhaja, ẹ má sọ ọ́ di "ìyá mi olólùfẹ́" lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí wọ́n á rò pé ẹlòmíì ló bá yín kọ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni arọ́pò orúkọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé "ẹ" la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà: "ẹ ṣe é", "ẹ jókòó". Ṣùgbọ́n bí "ẹ" bá wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa ló ń tọ́ka sí. "Mo kí ẹ", "mo nífẹ̀ẹ́ ẹ", "mo rà á fún ẹ": ọ̀rẹ́ là ń bá sọ̀rọ̀. Fún òbí, ó ní láti jẹ́ "mo kí yín", "mo fẹ́ràn yín", "mo rà á fún yín". Ọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa jìn sínú kòtò yìí nígbà tó kọ "mo nífẹ̀ẹ́ ẹ púpọ̀". Lẹ́nu, a lè fi ohùn bò ó, ṣùgbọ́n lójú ìwé, ó hàn gbangba. Ẹ tún wo "rẹ": "ilé rẹ", "àdúrà rẹ" gbọ́dọ̀ di "ilé yín", "àdúrà yín". Bí ẹ bá sì dárúkọ òbí kejì nínú ọ̀rọ̀ náà, "wọ́n" ni, kì í ṣe "ó". "Bí bàbá bá wà láyé, inú wọn ìbá dùn lónìí."

Lórí oríkì, òfin kan wà tí mo rọ̀ yín kí ẹ má rú. Àgbà ló ń fi oríkì pe ọmọdé. Ìyá yín lè jẹ́ Àṣàkẹ́ tàbí Àbẹ̀ní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ìkíni, àgàgà bí wọ́n bá le. Oríkì orílẹ̀ ìdílé wọn ni ẹ lè fi kí wọn, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ Ọ̀fà tí a bá kí ní "ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà" kò ní bínú láé. Ìlà kan tó. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fò ó, torí ìyá tó le á tún un ṣe fún yín lórí fóònù kí wọ́n tó dúpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rántí ohun kan ṣoṣo

Ibí ni ìfẹ́ wà, ibí náà ló sì yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù. "Ẹ̀yin ni ìyá tó dára jù lọ ní gbogbo ayé" kò tíì burú, àmọ́ ìyá ẹnikẹ́ni la lè kọ ọ́ sí. Òbí tó le mọ ọ̀rọ̀ tó ti ọkàn wá yàtọ̀ sí èyí tí a dà kọ, nítorí gbogbo ìgbésí ayé wọn ni wọ́n fi ń yẹ irọ́ ọmọ wò. Bí ẹ bá dárúkọ ohun kan tó jẹ́ pé ẹ̀yin àti àwọn nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, wọ́n á mọ̀ pé ẹ rí wọn.

Báwo la ṣe ń wá a? Ẹ mú ìgbà kan tí wọ́n le mọ́ yín, kí ẹ má dúró síbi ìbáwí. Ẹ rìn síwájú díẹ̀ nínú ìrántí yẹn, kí ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ wa la rántí ẹgba, tí a ò rántí pé ẹni tó nà wá náà ló gbé omi gbígbóná wá lálẹ́, tó sì bi wá pé ṣé a ti jẹun. Òbí tó le kì í fi ẹnu sọ ìfẹ́. Wọ́n máa ń fi ṣe nǹkan lẹ́yìn tí ariwo bá rọlẹ̀, wọn kì í sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á nígbà náà. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹ lè mẹ́nu bà á.

Nígbà tí ọkùnrin yìí wá a báyìí, ohun tó rántí ni ọjọ́ kan tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó tà fún oníbàárà kan nísọ̀, ó gba owó tó lé, ó sì wá fi inú dídùn sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn jèrè. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó gba ẹ̀yìn oníbàárà náà lọ, kó dá owó padà, òjò sì ti ń ṣú. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó kọ́kọ́ rántí, pẹ̀lú ìrora díẹ̀. Nígbà tó rìn síwájú, ó rántí pé nígbà tó padà dé, tí òjò ti pa á, ìyá rẹ̀ ò tíì jókòó. Ẹnu ìsọ̀ ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń wo ọ̀nà. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n fi nu orí rẹ̀, wọn ò sì sọ ohunkóhun. Líle àti ìfẹ́ wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà. Irú èyí ni kí ẹ wá.

Ẹ wá wo ohun tí a yọ kúrò. "Ẹ nà wá gan-an" kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, kódà bí àwàdà. "A ti dárí jì yín" burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ọmọ kì í jókòó dárí ji òbí lójú wọn. Ó gbé ara rẹ̀ sí ipò adájọ́ nìyẹn. Bí ohun kan bá wà láàárín yín tó ń dùn yín ní tòótọ́, mi ò ní kí ẹ gbé e mì. Ẹ bá wọn sọ ọ́ lójúkojú, tàbí kí ẹ jẹ́ kí àgbà kan bá yín dá sí i, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹ má sì fi ẹ̀bẹ̀ owó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tí ẹ jọ ń jà kún un. Bí ìyá tó gbọ́n bá rí ìyìn gígùn tí ẹ̀bẹ̀ tẹ̀ lé, ìyìn náà ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìrántí náà ni gbólóhùn ìfẹ́ ń bọ̀, ẹyọ kan. Bí "mo fẹ́ràn yín" bá wá ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń ká wọn lára torí wọn ò mọ ohun tí wọn ó fi dáhùn. Bó bá tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ṣe, ó ní ibi tó fẹ̀yìn tì. Bí "mo fẹ́ràn yín" bá ṣòro fún yín láti kọ, "àárò yín ń sọ mí" wà, "ẹ̀yin ni mo fi ń yangàn" náà wà, kò sì sí èyí tó kéré nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan àdúrà tó bá ọjọ́ orí wọn mu

Àdúrà la fi ń parí ìkíni nílẹ̀ wa, àmọ́ a máa ń da gbogbo rẹ̀ jọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. "Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ dàgbà, kí ẹ darúgbó" jẹ́ àdúrà fún ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ẹni ọdún 75 ti dàgbà. Bákan náà ni "ẹ ó fọwọ́ pa ewú" fún ẹni tí orí rẹ̀ ti funfun láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ ó fi èrìgì jobì" ṣì bá wọn mu, torí iwájú ló ń wò. "Ọmọ ni yóò sin yín" jẹ́ àdúrà rere, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sí àgbàlagbà lọ́jọ́ ìbí. Ikú ló mẹ́nu bà, àwọn tó ti ń ka ọdún tó kù sì máa ń gbọ́ ọ kíákíá ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ wo ara wọn àti ọjọ́ wọn, kí ẹ fi àdúrà síbi tó ń dùn wọ́n. Ìyá tó ń ráhùn orúnkún, ẹ gbàdúrà fún ẹsẹ̀ wọn. Ìyá tó ń ka Bíbélì tàbí Kùránì láràárọ̀, ẹ gbàdúrà fún ojú wọn. Gbogbo òbí tó ní ọmọ ló fẹ́ gbọ́ "ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ". Àdúrà mẹ́ta ti tó. Bí ó bá di mẹ́wàá, wọn ò ní mọ èyí tí ẹ ro dáadáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kà á sókè

Ẹ rántí pé ẹ ò gbọdọ̀ fi oríkì wọn pè wọ́n. Oríkì tiyín ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń pè yín bí inú wọn bá dùn ni kí ẹ fi fọwọ́ sí i. Ọkùnrin yìí ń jẹ́ orúkọ gígùn kan ní ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n Àlàní ni ìyá rẹ̀ ń pè é bí ara rẹ̀ ò bá yá tàbí bó bá ṣe ohun tó wù wọ́n. Bó ṣe kọ "Àlàní" sísàlẹ̀, ó fi ara rẹ̀ sípò ọmọ. Kò sí ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ láti sún mọ́ òbí tó le láìfi ọ̀wọ̀ wọn tàfàlà.

Ọ̀rọ̀ náà wá dà báyìí:

"Màámi, ẹ káàárọ̀ o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹ kú oríire ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ ní kí n lọ dá owó tó lé padà fún oníbàárà wa ní Gbági, tí òjò sì pa mí. Nígbà tí mo padà dé, ẹnu ìsọ̀ lẹ dúró sí tí ẹ ń wo ọ̀nà mi, ẹ sì fi etí ìró yín nu orí mi. Títí dòní, bí owó tí kì í ṣe tèmi bá kọjá lọ́wọ́ mi, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí. Ẹ ṣé tí ẹ rán mi padà, ẹ sì ṣé tí ẹ dúró dè mí. Mo fẹ́ràn yín, Màámi.

Ẹsẹ̀ yín á le, ẹ ó máa fi rìn lọ síbi tó bá wù yín. Ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ ó pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà.

Èmi ọmọ yín,
Àlàní."

Ẹ kà á sókè kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ibi tí ahọ́n yín bá ti kọsẹ̀, ẹ tún un kọ. Ibi tí ojú bá ti ń tì yín, ẹ wò ó dáadáa: bó bá jẹ́ pé ó dùn jù ni, ẹ gé e kù; bó bá jẹ́ pé òótọ́ tí ẹ ò sọ rí ni, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àmì. Bí ẹ bá kọ "E ku ojo ibi" láìfi àmì kankan sí i, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á sí ọjọ́ ibi, mo sì mọ irú ìyá tí yóò fẹ́. Lórí Gboard, ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `Languages`, kí ẹ tẹ `Add keyboard`, kí ẹ wá `Yoruba`. Bí òbí yín bá kọ́ ìwé kíkà kí àkọtọ́ tuntun tó dé lọ́dún 1974, wọ́n lè máa kọ "aiye" àti "nwọn" nínú èsì wọn. Ẹ má tún un ṣe fún wọn. Ẹ kọ tiyín bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀, kí ẹ sì pè

Ọ̀dọ̀ wọn ni kó kọ́kọ́ dé, kó tó dé ojú ẹgbẹ́ ìdílé lórí WhatsApp tàbí orí sítátọ́ọ̀sì yín. Òbí tó le ka ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti rí ṣáájú wọn sí àfihàn. Aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ ní ilé ló dára, nítorí náà ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè ní láti fi ránṣẹ́ kó tó sùn. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà kò gba ipò ohùn lójú ìran wọn. Bí ẹ bá pè, ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n rí i, bóyá ó dùn mọ́ wọn. Ẹ kàn kí wọn.

Èsì lè kúrú púpọ̀. "Mo ti rí i. O ṣé." Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ fetí sí ohun tó bá tẹ̀ lé e: bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúrà fún yín, bí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ jẹ, tàbí bí àbúrò yín bá sọ pé wọ́n ní kí òun tún un kà fún àlejò kan, ó ti wọ̀ wọ́n lára. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n tún nǹkan ṣe níbẹ̀, bíi kí wọ́n ní kì í ṣe etí ìró, gèlè ni, ẹ má jiyàn. "Ẹ ṣé mà, gèlè ni lóòótọ́." Ẹ bi wọ́n ní ohun mìíràn tí wọ́n rántí nípa ọjọ́ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí síbi tí ẹ ó ti rí i lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ má bàa tún sọ ọ̀rọ̀ òjò ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì.